Ẹ má dárúkọ ife tí ẹ fẹ́ kó kúrò

"Mo fẹ́ fi àtùpà rọ́pò ife tó wà lórí tábìlì nínú fọ́tò mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ife náà dáadáa, mo wá kọ `replace the mug with a lamp`. Ife mìíràn ló ń yà fún mi ṣáá. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi rí. Fọ́tò mọ́kànlá ni mo fẹ́ tún ṣe nígbà náà, nǹkan kan náà ni mo sì fẹ́ pààrọ̀ nínú gbogbo wọn. Odindi òru méjì ni mo fi ń tẹ bọ́tìnì kan náà, tí ohun tí mo ní kó lọ sì ń padà wá. Ìgbà tí mo mọ ohun tí módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà, ń rí gan-an ni ara tó tù mí, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, bíi ti Stable Diffusion tó wà fún inpainting, ìyẹn yíya nǹkan tuntun sí ibi tí ẹ kùn nínú àwòrán, kì í kọ́kọ́ wo ife yín kó tó máa ro ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti pa ibi tí ẹ kùn rẹ́ nínú àwòrán tí wọ́n fi hàn án. Ihò ló rí: tábìlì yí i ká, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, àárín ṣófo. Ọ̀rọ̀ yín ló máa sọ ohun tó yẹ kó wà nínú ihò náà fún un. Àwòrán àti àkọlé wọn ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, àkọlé tó kàn ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Wọn ò fi àṣẹ kọ́ ọ. Bó bá ka ohun tí ẹ kọ yẹn, iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ kò yé e. Ohun tó yé e ni pé àwòrán tó ní ife àti àtùpà ni ẹ ń fẹ́. Ihò náà sì rèé, ó ga níwọ̀n ife, ó fẹ̀ níwọ̀n ife, ó tún ní ìyọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí etí ife wà. Èwo ni yóò bá a mu jù nínú méjèèjì? Ọ̀rọ̀ yín ló pe ife padà.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí iṣẹ́ ti parí níwájú rẹ̀, tó wá ń sọ ohun tó rí. Ẹ gbàgbé `replace`, `change` àti `remove`. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má dárúkọ ohun tó ń lọ.

Àwọn módẹ́ẹ̀lì kan wà tí ọ̀rọ̀ àṣẹ bá lára mu. InstructPix2Pix tó jáde ní 2022 jẹ́ ọ̀kan, FLUX.1 Kontext tó jáde ní 2025 sì jẹ́ òmíràn. Odindi àwòrán ni wọ́n ń wò, wọn ò sì nílò kí ẹ kun ibì kankan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Bí irinṣẹ́ yín bá ní kí ẹ kọ́kọ́ kun ibi tí ẹ fẹ́ pààrọ̀, àkọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àtùpà yín. Bí ẹ bá kọ `a lamp` nìkan, ife ò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ àtùpà tó máa dé. Ọ̀rọ̀ yẹn gba àtùpà iná mànàmáná tó ní ìbòrí, ó gba èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àjà, ó sì gba àtùpà elépo. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì náà ló máa ń kọ́kọ́ wá, ìyẹn èyí tó ní ìbòrí. Àtùpà elépo kékeré oníde ni èmi ń wá nígbà tèmi. Lẹ́yìn tí mo ti yọ `replace` kúrò, ohun tí mo kọ ni pé:

```
a beautiful vintage lamp, no shade, no cable
```

Ohun tó yà fún mi ní ìbòrí, ó sì tún ní wáyà tó rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì. Ọ̀rọ̀ `no` kò lágbára kankan níbẹ̀. `shade` àti `cable` ni módẹ́ẹ̀lì náà gbọ́, ó sì gbé àwọn méjèèjì wá. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́, inú àpótí `Negative prompt` ni kí ẹ kọ ọ́ sí láìfi `no` síwájú rẹ̀. `beautiful` náà kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí kò sí ohun tó lè yà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. `vintage` tiẹ̀ sọ gbogbo àwọ̀ ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú bíi fọ́tò àtijọ́, ó wá yàtọ̀ gedegbe sí ìyókù àwòrán.

Èyí tó ṣiṣẹ́ fún mi nìyí:

```
one small brass oil lamp with a clear glass chimney, unlit, standing on a dark wooden table, soft daylight from the left, photo
```

Inú àpótí kejì, ìwọ̀nba ohun tí mo ti rí pé ó ń yọjú ni mo kọ:

```
lampshade, cable, flame
```

Ẹ wo bí mo ṣe tò ó. Orúkọ ohun náà ló ṣíwájú, pẹ̀lú iye rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ẹ̀yà ara kan tó yà á sọ́tọ̀ lára àwọn àtùpà yòókù. Gíláàsì orí rẹ̀ yẹn ló sọ fún módẹ́ẹ̀lì náà pé kì í ṣe ti iná mànàmáná. `one` wà níbẹ̀ nítorí pé bí ihò bá fẹ̀, ó máa ń to méjì sí i. `unlit` ni mo sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Láìsí i, iná kékeré máa ń jó nínú gíláàsì náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá ràn yòò sórí igi tábìlì lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà á mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, kódà bí kò bá lè tọ́ka sí i.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó dúró lé lórí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Mo ti kọ nípa fèrèsé, ògiri àti àga rí, mo rò pé bí mo bá ṣe ṣàlàyé tó ló ṣe máa dára tó. Yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé tirẹ̀ ló yà sínú ihò náà! Ìdí ni pé `Only masked` ni mo yàn nínú irinṣẹ́ tí mo ń lò. Bí ẹ bá yan èyí, ibi tí ẹ kùn àti etí rẹ̀ díẹ̀ nìkan ni módẹ́ẹ̀lì ń rí, píksẹ́ẹ̀lì 32 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹ kò bá yí i padà, gbogbo ohun tí ẹ bá sì kọ ni yóò gbìyànjú láti kó sínú ìwọ̀nba àyè yẹn.

Ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ o. Ibi tí ẹ kùn náà ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń borí tiyín nígbà míì. Ife kúrú, ó sì fẹ̀, àtùpà ga, ó sì tín-ín-rín. Bí ẹ bá kun ife náà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, tó fi mọ́ etí rẹ̀, ẹ ti fún módẹ́ẹ̀lì ní àyè tí àtùpà kò lè wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó yà ni ife oníde tó ní gíláàsì lórí. Ìgbà tí mo kùn ún sókè dé bí ìlọ́po méjì gíga ife náà, tí mo sì kùn ún ní gbọọrọ láì tẹ̀ lé ìyọrí etí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà yẹn gbé àtùpà gidi wá.

Ẹ kun òjìji náà pẹ̀lú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Fèrèsé wà lápá òsì nínú fọ́tò tèmi, òjìji ife sì nà sápá ọ̀tún lórí tábìlì, òjìji etí rẹ̀ rí roboto níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ife nìkan ni mo rò pé mo ń yọ. Módẹ́ẹ̀lì rí òjìji ife nílẹ̀, ó sì wá ohun tó lè ní irú òjìji bẹ́ẹ̀. Bí tábìlì bá ń dán, àwòrán ife tó hàn nísàlẹ̀ nínú dídán náà ń ṣe ohun kan náà.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ wò, òun ni `Denoising strength`. Bí wọ́n tilẹ̀ pa ife rẹ́ nínú àwòrán tí wọ́n fi han módẹ́ẹ̀lì, orí fọ́tò àtijọ́ náà ni yíyà tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà yìí ló sì ń sọ bí ohun àtijọ́ ṣe máa parẹ́ tó kí wọ́n tó ya tuntun. Ní 0.4, àwọ̀ àti ìrísí ife kò ní lọ, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yín dára tó. Ife tó ń dán bí idẹ lẹ máa rí. Nígbà tí ohun kan bá ń lọ pátápátá tí òmíràn ń wọlé, 0.9 sí 1 ni mo máa ń lò pẹ̀lú módẹ́ẹ̀lì inpainting. Ẹ má gbé módẹ́ẹ̀lì lásán tí wọn ò kọ́ fún inpainting dé 1, torí kò rí àyíká ihò náà bíi tàwọn yẹn, ohun tó bá yà sì lè má bá tábìlì yín mu rárá.

Bí ife bá ṣì ń padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹ fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì jẹ́ kó ya mẹ́rin. Bí tábìlì lásán bá hàn nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ yín ló ń pe ife. Bí nǹkan tó jọ ife bá ṣì ń yọ láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ lọ wo etí ibi tí ẹ kùn, òjìji àti nọ́ńbà yẹn. Bí ẹ bá wá fẹ́ máa tún ọ̀rọ̀ ṣe, ẹ di `Seed`, ìyẹn nọ́ńbà tí yíyà kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, mú sójú kan, ẹ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo ń yí mẹ́ta padà pọ̀, n kò mọ èyí tó tún un ṣe àti èyí tó bà á jẹ́.

Ohun kan tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe fún yín rèé: bó bá jẹ́ pé àtùpà kan pàtó tó wà nílé yín, tó ní àpá lára ìdí rẹ̀, lẹ fẹ́ rí nínú fọ́tò náà, àkọlé kò lè gbé e wá. Irú rẹ̀ ló máa gbé wá. Ẹ ya fọ́tò àtùpà náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti apá òsì bíi ti tábìlì yẹn, ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ife wà, ẹ wá kun etí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ nìkan. Ẹ lo àkọlé kan náà, kí ẹ sì gbé nọ́ńbà náà wá sí nǹkan bíi 0.3. Etí tí ẹ gé á wọnú tábìlì náà, àtùpà yín kò sì ní yí padà.