Ẹ gé ọ̀rọ̀ Tọ́kì láti ẹ̀yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iléṣà ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ èdè Tọ́kì torí pé mo fẹ́ lọ kàwé lọ́hùn-ún. Ẹnìkan kọ "gelemeyeceğim" ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè títí, mi ò rí i. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ gígùn báyìí?

Ìdáhùn: Odindi gbólóhùn ni, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìwé náà. "Mi ò ní lè wá" ni ẹni yẹn ń sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká tú u. "Gel" ni gbòǹgbò rẹ̀, òun ni "wá". "E" tó tẹ̀ lé e ni "lè". "Me" ni "ò" tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ sódì. "Yecek" ń sọ pé ọjọ́ iwájú ni, iṣẹ́ tí "ní" ń ṣe nínú gbólóhùn tiwa. "İm" tó kẹ́yìn ni "mi". "K" inú "yecek" di "ğ" nítorí pé fáwẹ̀lì wà níwájú rẹ̀, òmíràn sì tún dé sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá wá ka àwọn ègé náà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ohun tí ẹ máa rí ni: mi, ní, ò, lè, wá. "Ní" àti "ò" nìkan ló pààrọ̀ àyè. Ìyókù bá Yorùbá mu gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn láti máa fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ifẹ̀, torí pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn kì í bà wọ́n mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtumọ̀ kan náà ni èdè méjèèjì ń gbé. Yorùbá ń to ọ̀rọ̀ kéékèèké tó dá dúró síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, Tọ́kì ń so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa náà ní àfòmọ́, bíi "àì" nínú "àìlọ" àti "olù" nínú "olùkọ́", ṣùgbọ́n iwájú ni tiwa máa ń wà. Ìdí rèé tí ojú ọmọ Yorùbá fi ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ tú u. Ní Tọ́kì, ìbẹ̀rẹ̀ ni gbòǹgbò wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìparí ni kí ẹ ti máa gé e, ègé kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ku "gel", ẹ fi "mek" kún un, kí ẹ wá "gelmek". Bí ìwé náà ṣe ń to ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ rú ni pé àfòmọ́ kan náà ń yí ìró padà. "Okuyamayacağım" ni "mi ò ní lè kàwé". "Ma" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "me". "Yacak" ni, kì í ṣe "yecek", nítorí pé "a", "ı", "o" àti "u" wà ní agbo kan, "e", "i", "ö" àti "ü" sì wà ní agbo kejì. Àfòmọ́ ń tẹ̀ lé agbo fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí yín: a ní "owó", a ní "ọwọ́", ṣùgbọ́n a kò ní "ọwo". "Y" tó wà lẹ́yìn "oku" kò ní ìtumọ̀. Ó kàn ń la fáwẹ̀lì méjì ni. Ohun tí ẹ máa wá nínú ìwé ni "okumak".

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ náà lódindi. Èso ápù ni "elma". Bí ẹ bá gé "ma" kúrò, "el" tó jẹ́ "ọwọ́" ló máa kù, ẹ ó sì rò pé àyísódì ni. Àyísódì yìí kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló ń lẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi gé ọ̀rọ̀-orúkọ. "Evlerimizden" ni "láti àwọn ilé wa": "ev" ni ilé, "ler" ni àwọn, "imiz" ni wa, "den" ni láti. Tí iye bá ti wà níwájú, "ler" kì í wọlé: "üç ev" ni ilé mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n gígé nìkan kì í tó nígbà mìíràn. "Evleri" lè jẹ́ "àwọn ilé rẹ̀", ó lè jẹ́ "ilé wọn" tàbí "àwọn ilé wọn", ó sì lè jẹ́ "àwọn ilé náà" tí ẹnìkan ṣe nǹkan sí, bíi "evleri gördüm", mo rí àwọn ilé náà. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni kí ẹ wò. Bí "onun" bá ṣáájú rẹ̀, ẹnìkan ló ni àwọn ilé náà. Bó bá jẹ́ "onların" ni, wọ́n pọ̀ tó ni ín, ṣùgbọ́n yálà ilé kan ni tàbí ilé púpọ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá yín sọ ló máa fi hàn.