Ohun tí ọ́dítọ̀ ń wá
Ọ́dítọ̀ ní ìwé wa dára. Báwo ni kaṣíà ṣe wá ń jí owó?

Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni láti sọ bóyá ìṣirò owó ọdún náà bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá, ìbáà jẹ́ èèṣì tàbí jìbìtì, kì í ṣe láti mú gbogbo olè. Díẹ̀ nínú ìwé ló ń fà yọ wò. Bí ẹ bá ta ọjà ₦200,000,000 lọ́dún, ó lè fi ₦2,000,000 ṣe òdiwọ̀n àṣìṣe ńlá. Kaṣíà tó ń yọ ₦15,000 lọ́sẹ̀, tó ń fi rìsíìtì ayédèrú bò ó, yóò kó ₦780,000 lọ́dún, kò sì ní dé òdiwọ̀n náà. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé iṣẹ́ lẹ ni ojúṣe dídènà rẹ̀: ẹni tó ń gbowó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé owó. Àmọ́ bí ọ́dítọ̀ bá rí àmì jìbìtì tó gbójú fò ó, ó lè jẹ̀bi.