Ilẹ̀ onígun mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta: níbo ni àárín rẹ̀ wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá wa fi ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́ta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Pílà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà wọn sì wà lórí sọ́fè pílánì. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká ri pílà kan sí àárín, ká fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sí igun kọ̀ọ̀kan, kí kálukú mú apá kan. Báwo la ṣe máa mọ àárín náà? Ṣé yóò dọ́gba lóòótọ́?

Ìdáhùn: Yóò dọ́gba, bí ẹ bá ri pílà náà síbi tó yẹ. Ojú kan ṣoṣo péré ló wà nínú ilẹ̀ onígun mẹ́ta tó lè pín in báyẹn, ẹ sì lè ṣírò rẹ̀ láti orí pílánì kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá lọ sóko.

Ẹ wo pílánì náà dáadáa. Níwájú pílà kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí nọ́ńbà méjì, E àti N. E ń pọ̀ sí i béèyàn bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, N ń pọ̀ sí i béèyàn bá ń lọ sí àríwá. Mítà ni méjèèjì. Àárín tí ẹ ń wá ni ìpíndọ́gba E mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìpíndọ́gba N mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```
E = (E1 + E2 + E3) / 3
N = (N1 + N2 + N3) / 3
```

Ẹ kò fi nọ́ńbà tiyín ránṣẹ́, nítorí náà mo ṣe àpẹẹrẹ pẹ̀lú irú nọ́ńbà tó máa ń wà lórí pílánì agbègbè Ìkẹ́rẹ́:

```
A   746112 E   829640 N
B   746172 E   829652 N
C   746136 E   829700 N
```

Ẹ má da nọ́ńbà gùn-gùn wọ̀nyẹn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ 746100 kúrò nínú E kọ̀ọ̀kan, ó ku 12, 72 àti 36. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 120. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, ó di 40. Ẹ dá 746100 padà, ó di 746140. Ní ti N, ẹ yọ 829600, ó ku 40, 52 àti 100. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 192, ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 64. Àárín ilẹ̀ náà wà ní 746140 E, 829664 N.

Mo sọ pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nítorí mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹni tó ń lo kakulétọ̀ á tẹ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra, á wá fi 3 pín èyí tó gbẹ̀yìn nìkan. Èsì rẹ̀ á lé ní mílíọ̀nù kan. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé E àárín kò lè kéré ju E tó kéré jù, kò sì lè ju E tó tóbi jù. Bákan náà ni N. Bó bá ti jáde kúrò láàárín wọn, àṣìṣe ti wọlé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo bí pílà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín. Ní ti E, A fi 28 dín, B fi 32 lé, C fi 4 dín. Èyí tó lé àti èyí tó dín pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ní ti N, A fi 24 dín, B fi 12 dín, C fi 36 lé. Wọ́n tún pa ara wọn rẹ́. Bí wọn kò bá pa ara wọn rẹ́, ẹ tún un ṣe.

Kí ló dé tí apá mẹ́ta náà fi dọ́gba? Ẹ fojú inú wò ó pé ìlà B dé C ni ìsàlẹ̀, A sì wà lókè. Ojú àárín yìí máa ń ga kúrò lórí ìsàlẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga A. Ìsàlẹ̀ kan náà, gíga ìdá mẹ́ta: ilẹ̀ tó wà láàárín B, C àti àárín jẹ́ ìdá mẹ́ta gbogbo rẹ̀. Ibi yòówù tí ẹ bá fi ṣe ìsàlẹ̀, bákan náà ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo ilẹ̀ jẹ́ 1656 mítà níbùú-lóròó, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 552. Ó ju pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú àárín yìí nínú oko pẹ̀lú téèpù nìkan, ẹ wọn B sí C, ẹ kan èèkàn sí ìdajì rẹ̀. Láti A ẹ ta okùn lọ síbi èèkàn náà. Nínú àpẹẹrẹ wa yóò jẹ́ 55.32 mítà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, 36.88 mítà láti A, ni àárín. Bí ilẹ̀ bá ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ó ṣe pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ fa téèpù náà gbọnrangandan, kó tẹ́jú bí ojú omi, kó má tẹ̀ lé ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀, torí pé ìwọ̀n orí pílánì kò ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ má sì fi fóònù wá a. Ọ̀pọ̀ pílánì wa wà lórí ìwọ̀n tí a ń pè ní Mínà, fóònù sì ń lo òmíràn, ìyàtọ̀ wọn níhìn-ín lè ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Mo bá ẹnì kan pàdé nígbà kan tó ti kan èèkàn rẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, tó sì dá a lójú pé pílánì ló parọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè fi pa mọ́ fún yín. Ìpín tí ẹ̀gbọ́n yín dábàá dọ́gba ní fífẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má dọ́gba ní iyì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kan títì, ẹnì kan ló ní títì, àwọn méjì yòókù á máa tọrọ ọ̀nà. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, èmi kì í ri pílà sí àárín rárá. Ká ní B sí C ni títì nínú àpẹẹrẹ wa: ó gùn ní 60 mítà. Ẹ pín in sí ogún mítà mẹ́ta, ẹ ri pílà sí 746160 E, 829668 N àti 746148 E, 829684 N, ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sí A. Apá kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ 552, gbogbo yín sì kan títì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa tín-ín-rín títí dé A, ẹ kò ní rí ilé kọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ẹ̀gbẹ́ mélòó ló kan ọ̀nà. Bó bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àárín dára. Ẹ tún ka pílà orí pílánì yín: bó bá jẹ́ mẹ́rin, kódà bí ìkẹrin bá fara pamọ́ síbi tí ilẹ̀ ti yí díẹ̀, ìpíndọ́gba yìí kò pín ilẹ̀ yẹn dọ́gba mọ́. Pílà tó máa dúró títí, sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ rì í, kó sì ya pílánì tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín.