Àwòrán iwájú fídíò Ìkọ̀gòsì

“Ẹ gbà mí o. Àwọn èèyàn ń tẹ fídíò Ìkọ̀gòsì mi lórí YouTube, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n ń jáde. Kí ló fà á?”

Ẹ̀gbọ́n, ojú yín tó ń pariwo nínú àwòrán iwájú àti àkọlé “Ìyanu ńlá!” ló fà á. Ìyanu ni wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n ìrìn láti Adó ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá nínú fídíò. Ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù ni kí ẹ yà, ọwọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ méjì tó sí i: “Gbígbóná, Tútù”. Ẹ má kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, iye ìṣẹ́jú fídíò máa ń bo ibẹ̀. Kí àkọlé jẹ́ “Omi gbígbóná pàdé tútù n'Ìkọ̀gòsì”, kí ìpàdé náà sì hàn kíákíá, kí ìrìn tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwòrán náà ní kékeré lórí fóònù. Bí ọwọ́ ò bá hàn, ẹ tún un yà.