Kí ló dé tí ọtí fi ń tètè pa obìnrin?

Bíà méjì-méjì ni èmi àti ọkọ mi mu, èmi nìkan ni òòyì ń kọ́. Kí ló fà á?

Omi ara ni, mà. Ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọ̀rá. Inú omi ara ló ń tàn ká sí, ọ̀rá sì sábà máa ń pọ̀ lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì wọn kílò 70: omi ara ọkọ yín á tó nǹkan bíi lítà 42, tiyín á wà ní bíi 35. Ọtí inú ẹ̀jẹ̀ yín á wá fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju tiwọn lọ. Tí ẹ ò bá wá wọ̀n tó wọn, àlàfo yẹn á tún fẹ̀ sí i. Àmọ́ tí ẹ bá tóbi jù wọ́n lọ dáadáa, tí kì í ṣe ọ̀rá nìkan, àwọn ni òòyì lè kọ́kọ́ kọ́.