Màmá ń gbàgbé: ọjọ́ orí ni àbí àìsàn?

"Màmá mi pé ẹni ọdún 74, wọ́n ń gbàgbé nǹkan ṣáá. Ṣé ọjọ́ orí ni, àbí ká lọ rí dókítà?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Bí wọ́n bá gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí, tí wọ́n sì rántí nígbà tó yá, ọjọ́ orí nìyẹn. Bí iṣẹ́ tó ti mọ́ wọn lára bá ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ta ata lọ́jà Àtàkúnmọ́sà níbí ní Iléṣà fún ọdún 30. Wọ́n máa ń fi orúkọ àbúrò mi pè mí, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan. Ṣéńjì ló yẹ kó ta wá lólobó. Oníbàárà ra ata ₦700, ó mú ₦1,000 wá. Wọ́n di owó náà mú, wọ́n ń wò ó, wọn ò mọ iye tí wọn ó dá padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ṣìnà ilé.

Bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ni ìgbàgbé náà dé, ẹ má dúró dọ̀la. Àrùn inú ìtọ̀, ibà tàbí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn màmá dání, títí kan Píritọ́ọ̀nù, nítorí ó lè da ọpọlọ àgbàlagbà rú. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè yẹ fítámì B12 wò nínú ẹ̀jẹ̀ màmá. Àìtó rẹ̀ lè fa ìgbàgbé, ó sì ní ìtọ́jú.