Ìwé ewu fún kòtò páìpù

"Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ìwé ewu fún kòtò páìpù tó jìn tó mítà 2. Mo kọ 'gbígbẹ́ kòtò' sábẹ́ ewu, mo fi 3 nínú 5 sí ìṣeéṣe, 3 nínú 5 sí ọṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n dé akoto. Wọ́n dá a padà. Kí ló kù?"

Gbígbẹ́ kòtò kì í ṣe ewu, iṣẹ́ ni. Ewu ni pé ẹ̀gbẹ́ kòtò lè ya bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó lè bọ́ sí kòtò àti wáyà iná abẹ́ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ fún oníkálukú ní ìlà tirẹ̀, torí ìdènà wọn ò jọra.

Ẹ jẹ́ ká mú ti yíya. Ọṣẹ́ rẹ̀ 5 ni, kì í ṣe 3. Yẹ̀pẹ̀ tó kún inú mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bó bá fún èèyàn láyà, onítọ̀hún ò ní lè mí, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ wà níta. Akoto ò lè ran irú ìyẹn lọ́wọ́.

Ìṣeéṣe ní tirẹ̀, inú ilẹ̀ ni ẹ ti máa rí i. Ṣé wọ́n ti gbẹ́ ibẹ̀ rí tí wọ́n dí i? Ṣé omi ń sun? Ṣé ilẹ̀ ti ń sán létí kòtò? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé amọ̀ líle: ó lè dúró ṣánṣán láàárọ̀ kó ya lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n dí, tí yẹ̀pẹ̀ wà létí rẹ̀, tí kò sì sí nǹkan tó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, 4 ni mo máa kọ. Ìṣeéṣe lọ́nà ọṣẹ́ wá jẹ́ 4 × 5 = 20: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ní ti ìdènà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó pọn dandan kí èèyàn wọlé rárá. Páìpù mìíràn ṣeé so pọ̀ lókè kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun, tàbí kí ẹ̀rọ gbé àpótí irin tí ò ní jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ ya bo èèyàn sínú rẹ̀ láti òkè. Kí ẹnì kankan má wọlé lọ fi igi tì í. Kí yẹ̀pẹ̀ jìnnà sétí kòtò, ó kéré tán mítà 1. Kí àkàbà wà nínú ibi tí àpótí náà dáàbò bò. Kí ẹni tó mọ̀ nípa kòtò yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ àti lẹ́yìn òjò, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀. "Kí wọ́n ṣọ́ra" kì í ṣe ìdènà.

Lẹ́yìn èyí ẹ tún un kà: 1 × 5 = 5. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ ọṣẹ́ náà di 2 níbí, ó sì máa ń tètè hàn sẹ́ni tó ń yẹ̀wé wò. Àpótí irin ò sọ yẹ̀pẹ̀ di fífúyẹ́. Ìṣeéṣe nìkan ló dín kù, ó sì máa padà sí 4 lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ àpótí náà kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìlà náà, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró.